Oníbàárà kàn ń sọ pé "ọjà wa dáa gan-an": kí ni ká bi í ká tó kọ sìkírípù fídíò ìpolówó?

Akẹ́kọ̀ọ́ Kálàmù

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀gá kan n'Íbàdàn tó ń ta ìnfátà àti bátìrì ní kí n kọ sìkírípù fídíò ìṣẹ́jú kan fóun. Mo bi í pé kí ló dáa nínú ọjà ẹ̀, ó ní "ó dáa, ó lágbára, ó máa ń pẹ́, owó ẹ̀ ò sì wọ́n." Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti jókòó tì í, mi ò rí nǹkan kan kọ. Kí lẹ máa ń bi oníbàárà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀?

---

Akọ̀wé Ìpolówó

Àbúrò, irú ìbéèrè tó o bi í ló bí irú èsì yẹn. Kò sẹ́ni tó ń ta ọsàn tó máa ní tòun kan. Tó o bá ní kó yin ọjà ẹ̀, á yìn ín, ìyìn ò sì ṣeé yà ní fídíò. Ta ló fẹ́ gbé kámẹ́rà sójú "ó lágbára"?

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, ẹni tó rà á kẹ́yìn, kí ló bi yín kó tó sanwó? Mi ò kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ látorí o, mo máa ń ní kí wọ́n ṣí Wasáàpù wọn kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ tí ẹni yẹn kọ fún mi bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ọlọ́jà á ní bátìrì òun lágbára, àmọ́ ẹni tó fẹ́ rà á ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ẹ jọ̀ọ́, tí a bá tan fáànù méjì sùn, ṣé iná ò ní kú kílẹ̀ tó mọ́?" Wò ó, ìyẹn ti ní ilé nínú, ó ní òru nínú, ó ní ẹni tó ń làágùn nínú. Ìlà àkọ́kọ́ sìkírípù ẹ nìyẹn, kọ́sítọ́mà ló sì kọ ọ́ fún ẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa wá bèèrè pé kí ni ọjà yín ò lè ṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń dákẹ́, o lè rò pé o bú wọn. Ní sùúrù, má bá wọn dáhùn. Ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló máa ń wúlò jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá jọ sọ.

---

Kámẹ́rà Méjì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò. Èmi ní fọ́ọ̀mù oníbèérè 35 tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà mi, ẹni tí ò bá kọ ọ́ tán, mi ò ní bá a ṣiṣẹ́. Lóòótọ́, ta ni wáàtì kàn? Àwọn èèyàn ò ra wáàtì, ìtura ni wọ́n ń rà. Ya ìyàwó ilé tó ń rẹ́rìn-ín, ya ọmọ tó ń kàwé lábẹ́ iná, ó ti tán.

---

Akọ̀wé Ìpolówó

Mo gbà pẹ̀lú ẹ lórí ìtura, kò sẹ́ni tó fi wáàtì sùn rí. Àmọ́ gbogbo ẹni tó ń ta ìnfátà n'Íbàdàn ló ti ya ọmọ tó ń kàwé lábẹ́ iná. Ohun tí kò sí nínú fídíò àwọn tó kù ni aago mélòó dé aago mélòó, pẹ̀lú kí ni àti kí ni tó wà ní títàn. Ìtura tí kò ní wákàtí, ta ló máa gbà á gbọ́?

Ní ti fọ́ọ̀mù, èmi náà lò ó fún bí ọdún méjì. Ohun tí wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ ni "bẹ́ẹ̀ ni", "ó dáa", "ẹ pè mí". Nígbà míì, ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa ọjà yẹn ni wọ́n ń ní kó kọ ọ́. Ní báyìí mo máa ń pè wọ́n ni, bí ogójì ìṣẹ́jú, màá tọrọ àyè kí n lè gba ohùn wọn sílẹ̀, torí tí ọlọ́jà bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu, á gbàgbé pé ìpolówó là ń ṣe, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn. Inú ìtàn yẹn ni ohun tí mò ń wá wà. Fọ́ọ̀mù ò ní jẹ́ kó ro ìtàn.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan tó ṣe mí. Mo kọ sìkírípù fún ẹnì kan tó ń ta èlùbọ́ nínú ọ̀rá. Nínú fọ́ọ̀mù ó kọ ọ́ pé "a máa ń gbé e wá bá yín lọ́fẹ̀ẹ́", èmi náà fi sí ìlà tó kẹ́yìn bẹ́ẹ̀, ẹni tó ka ohùn kà á, a gbé e jáde. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń pè láti Ìlọrin, láti Àkúrẹ́, pé kí wọ́n gbé ọ̀rá kan ṣoṣo wá lọ́fẹ̀ẹ́. Àṣé àárín ìgboro Abẹ́òkúta ló ní lọ́kàn. Èmi ni mo tún sanwó fún ẹni tó ka ohùn kó tó tún un kà, torí èmi ni mi ò bèèrè pé "dé ibo?" Látìgbà yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí oníbàárà máa sọ tí mi ò ní bi í pé dé ibo, fún ta ni, títí di ìgbà wo.

---

Onísólà Mọ́níyà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò kì í kọ sìkírípù, ìnfátà ni mò ń so, àmọ́ èmi ni wọ́n máa ń pè wá bú nígbà tí fídíò bá ti parọ́ fún wọn tán, torí náà ọ̀rọ̀ yín yìí kàn mí.

Akẹ́kọ̀ọ́, lọ bi ọ̀gá yẹn pé kí ni wọ́n kọ sára bátìrì ẹ̀. Ká ní ìnfátà 1kVA ni, pẹ̀lú bátìrì túbúlà kan tí wọ́n kọ 12V 200Ah sí lára. 12 lọ́nà 200 jẹ́ 2400 wáàtì-wákàtí. Àmọ́ bátìrì olómi bíi túbúlà, ìdajì ló dáa kéèyàn máa lò nínú ẹ̀ lójoojúmọ́, ó ku 1200. Ìnfátà fúnra ẹ̀ náà máa jẹ díẹ̀ bó ṣe ń yí iná padà, ẹ kúkú fi 1000 sọ́kàn.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fẹ́ tàn. Tẹlifíṣọ̀n á gba bí 80 wáàtì, dìkódà 20, fáànù onídùúró méjì 60-60, gílóòbù mẹ́ta 10-10. Àpapọ̀ ẹ̀ 250. Ẹ fi 250 pín 1000, wákàtí mẹ́rin péré ni. Ẹni tó tan gbogbo ẹ̀ láago méje alẹ́, òkùnkùn á bá a láago mọ́kànlá tó bá fẹ́ kí bátìrì ẹ̀ pẹ́. Àmọ́ tó bá pa tẹlifíṣọ̀n àti dìkódà láago 10 pẹ̀lú bátìrì tó ṣì kún, tó ku fáànù méjì àti gílóòbù kan, 130 wáàtì nìyẹn, ó máa lé díẹ̀ ní wákàtí méje àbọ̀. Ilẹ̀ á ti fẹ́ mọ́.

Ṣé ẹ rí i pé bátìrì kan náà ni? Ọ̀gá tó ní "ó ń gbé ilé dàárọ̀" kò parọ́, ẹni tó ní "wákàtí mẹ́rin péré" náà ò parọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè ni pé kí ló wà ní títàn.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ Kálàmù

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti pe ọ̀gá yẹn. 1kVA ni lóòótọ́, bátìrì kan, 200Ah, túbúlà. Mo bi í ohun tí kò lè gbé, ó kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ, ló bá ní áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ àti ẹ̀rọ tó ń fa omi. Mo wá bi í pé bátìrì yẹn ń dé aago mélòó. Ó ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀! Ó ní òun fojú ara òun rí i nílé kọ́sítọ́mà kan. Èwo ni kí n wá kọ, tiẹ̀ ni àbí ti ẹ̀gbọ́n Onísólà?

---

Onísólà Mọ́níyà

Ó lè rí i lóòótọ́. Ìnfátà ò ní kú tó bá dé ìdajì, á máa bá a lọ títí bátìrì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kó tó máa ké. Àmọ́ ẹni tó bá ń lò ó dé ibẹ̀ lálaalẹ́, kò ní pẹ́ tó máa fi ra bátìrì míì. Padà lọ bi í pé ṣé ohun tó lè ṣe lẹ́ẹ̀kan ló ń sọ ni, àbí ohun tó lè máa ṣe lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù yẹn, òótọ́ ló sọ. 1kVA ò fún èèyàn ju bí 800 wáàtì lọ, áyọ́ọ̀nù míì nìkan á gba 1000 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bi í nípa fìríìjì náà, torí ó máa ń fa iná rẹpẹtẹ nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kọ́sítọ́mà máa bèèrè.

---

Akọ̀wé Ìpolówó

"Lẹ́ẹ̀kan àbí lójoojúmọ́", èmi náà máa jí ìbéèrè yẹn lò o. Mo mọ "dé ibo", mi ò ní eléyìí lórí ìwé mi.

---

Kámẹ́rà Méjì

Ẹ má bínú, ta ló ń sanwó fídíò láti fi sọ ohun tí ọjà òun ò lè ṣe? Tí ẹ bá kọ ọ́ pé kò gbé áyọ́ọ̀nù, ẹni tó ń wò ó á ti kọjá sí fídíò míì. Ẹ bèèrè ẹ̀ tó bá wù yín, àmọ́ ẹ fi í sílé.

---

Akọ̀wé Ìpolówó

Mi ò ní kó wọnú ohùn fídíò dandan. Èmi fúnra mi máa ń bèèrè ẹ̀ kí n lè mọ ohun tí mi ò gbọ́dọ̀ ṣèlérí àti ohun tí a ò gbọ́dọ̀ yà. Ká ní Akẹ́kọ̀ọ́ ò bèèrè, ẹni tó ń yà á lè gbé áyọ́ọ̀nù sórí tábìlì kí ilé lè rẹwà, ẹni tó wò ó á ní òun rí i pẹ̀lú ojú òun. Àwòrán náà ń ṣèlérí.

---

Onísólà Mọ́níyà

Èmi ò tiẹ̀ gbà pé kí wọ́n fi í sílé. Ẹ sọ ọ́ síta. Ẹni tó fẹ́ lọ aṣọ lórí ẹ̀ máa rà á, á tàn án, yóò ké, èmi ló máa pè láago méje àárọ̀ Mọ́ńdè pé mo ta ọjà burúkú fún òun. Owó mọ́tò mi ni mo máa fi lọ. Kí irú kọ́sítọ́mà bẹ́ẹ̀ kọjá sí fídíò míì sàn fún mi.

---

Kámẹ́rà Méjì

Tìrẹ nìyẹn, ìwọ lo ń so ó. Oníbàárà tèmi ní kí fóònù ṣáà máa dún.

---

Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, tèmi yàtọ̀ díẹ̀ torí èmi ni oníbàárà, ọṣẹ dúdú ni mò ń ṣe. Ọmọ tó kọ fídíò fún mi lọ́dún tó kọjá bi mí pé ọjọ́ mélòó lọṣẹ yìí fi ń pa ifo àti èéyún ojú, mo ní ọjọ́ méje, torí kọ́sítọ́mà mi kan sọ pé ọjọ́ méje ni tòun. Ó kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀. Ni àwọn èèyàn wá ń pè mí ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ní kí n dá owó àwọn padà. Ṣé èmi ló jẹ̀bi àbí òun? Ìbéèrè tiyín yìí náà ti pọ̀ jù lójú mi, èèyàn á kàn máa dáhùn bí ẹni tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá.

---

Akọ̀wé Ìpolówó

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Òun ló bèèrè ohun tí kò yẹ kó bèèrè, ẹ̀yin sì dáhùn bí èèyàn ṣe máa ń dáhùn. Ẹnì kan ní ọjọ́ méje, ara ẹnì kan nìyẹn. Ká ní ó tún bi yín pé "èèyàn mélòó ló sọ bẹ́ẹ̀, mà?" ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yí padà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọṣẹ ìwẹ̀ tí a bá ti polówó pé ó ń wo àrùn, a ti sọ ọ́ di oògùn nìyẹn lójú NAFDAC, wọ́n sì máa bèèrè ẹ̀rí. ARCON, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìpolówó, tí òfin ọdún 2022 fi rọ́pò APCON, náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, títí kan ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Torí náà mi ò ní bi yín ọjọ́ mélòó láé.

Ohun tí mo máa bi yín ni báwo lẹ ṣe ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn níbí: eérú kí ni, epo wo, kí ni àwọn tó rà á sì máa ń fi bá yín jà, yàtọ̀ sí ti ọjọ́ méje yìí?

---

Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Èèpo kòkó la máa ń sá, a sun ún di eérú, a wá sẹ́ omi ẹ̀. Àdín la fi ń sè é. Èmi àti àwọn ọmọ mi la ń rò ó, ọwọ́ máa ń ro èèyàn. Ohun tí wọ́n fi ń bá mi jà ni pé ó ń yọ́. Wọ́n á gbé e sínú omi ní bálùwẹ̀, tó bá di ọjọ́ kejì ó ti di ẹrọ̀fọ̀, wọ́n á ní ayédèrú ni. Ọṣẹ dúdú tòótọ́ ò kì í le bíi ti Òyìnbó, ó rọ̀ ni, ó sì máa ń mu omi. Èèyàn á bu ìwọ̀nba tó fẹ́ lò, á de ìyókù, á gbé e sí ibi gbígbẹ.

---

Akọ̀wé Ìpolówó

Mà, ẹ ti fún mi ní fídíò kan tán. Ọwọ́ tó ń ro ọṣẹ nínú ìkòkò, èèpo kòkó nínú oòrùn, ọwọ́ tó ń bu ọṣẹ díẹ̀ tó sì de ìyókù. Ohun tí wọ́n fi ń bú yín yẹn gan-an ni màá fi ṣe ìdí tó fi yẹ kí wọ́n mọ̀ pé tòótọ́ ni. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni mo bi yín, ẹ ò sì rí i bí àgọ́ ọlọ́pàá, àbí?

---

Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Rárá o. Báyìí ni ì bá ti bi mí.

---

Ọmọ Ìlọrin

Owó ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń bèèrè iye tí wọ́n ń tà á, kí ẹ sì fi sínú ẹ̀?

---

Kámẹ́rà Méjì

Fi sínú ẹ̀. Ẹni tí ò bá rí iye ò ní pè.

---

Akọ̀wé Ìpolówó

Mo máa ń bèèrè, pẹ̀lú ohun tó wà nínú owó yẹn àti ohun tí kò sí níbẹ̀. Fún ìnfátà, ṣé wáyà wà nínú ẹ̀? Ẹni tó máa so ó ńkọ́? Páńẹ́lì sólà ńkọ́, àbí iná NEPA nìkan ló máa fi gba agbára? Tí kò bá sí páńẹ́lì níbẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ ya oòrùn nínú fídíò yẹn rárá.

Àmọ́ mi ò kì í jẹ́ kí ẹni tó ń ka ohùn pe iye owó. Iye bátìrì lóṣù yìí lè má jẹ́ tiẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ohùn sì le láti tún ṣe. Mo máa ń fi sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú fídíò lápá ìparí, ẹni tó ń gé e lè pààrọ̀ ẹ̀ níṣẹ́jú márùn-ún.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ Kálàmù

Mo padà dé o. Mo bi ọ̀gá yẹn ní "lẹ́ẹ̀kan àbí lójoojúmọ́", ó rẹ́rìn-ín, ó ní èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi òun bẹ́ẹ̀. Kò kọ́kọ́ fẹ́ kí n kọ aago márùn-ún tí ìṣirò ẹ̀gbọ́n Onísólà gbé wa dé, ó ní aago mẹ́sàn-án ló dùn ún gbọ́. Mo ní kó jẹ́ ká dán an wò. Lálẹ́ Fráìdè, mo lọ sí ilé ẹ̀ pẹ̀lú bátìrì tó kún, a pa tẹlifíṣọ̀n láago 10, a fi fáànù méjì àti gílóòbù pálọ̀ sílẹ̀, mo fi fóònù ya aago ara ògiri ní wákàtí wákàtí. Aago márùn-ún àárọ̀, fáànù ṣì ń yí, ìnfátà ò tíì ké. Mo tún ya fìríìjì ẹ̀ níbi tó ti wà ní pípa, torí ó ní òun kì í so ó mọ́ ọn.

Wasáàpù tó kà fún mi nìyí, ti obìnrin kan tó ra tiẹ̀ kẹ́yìn: "ẹ jọ̀ọ́ ọmọ mi kékeré ò lè sùn láìsí fáànù". Ohun tí mo wá kọ fún ìbẹ̀rẹ̀ nìyí:

*"Aago mẹ́wàá alẹ́. NEPA ti mú iná lọ. Ọmọ ti sùn. Fáànù yàrá ń yí, fáànù pálọ̀ ń yí, gílóòbù kan wà ní títàn. Ẹ wo aago: aago márùn-ún àárọ̀. Fáànù ṣì ń yí."*

Mo kà á sókè, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù, mo kọ ọ́ sójú fídíò ní ìparí, lábẹ́ iye owó. Ọ̀gá ní òun ń rò ó.

---

Onísólà Mọ́níyà

Ó dáa gan-an. Ohun kan ló kù. Bátìrì tuntun lẹ fi dán an wò àbí èyí tó ti lo ọdún méjì? Tó bá ti pẹ́, wákàtí ẹ̀ máa ń dín kù. Ẹni tó bá rà á lónìí á rí aago márùn-ún, àmọ́ mi ò mọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ sọ ti ọdún kẹta fún un nínú ìṣẹ́jú kan.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ Kálàmù

Tuntun ni. Mi ò ronú dé ibẹ̀. Màá bi í lọ́la bóyá ó ní kọ́sítọ́mà kan tó ti lò ó tó ọdún méjì, kí n lọ jókòó nílé tiẹ̀ náà.